Àwòrán Tí Google Kò Rí Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ọjà Wà Nílẹ̀

Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde ti ń bá ẹni tí a kò rí rí dúnàá-dúrà lórí WhatsApp ni ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí ẹni tó fẹ́ tajà fún wa bá fi àwòrán ránṣẹ́, tí a fi àwòrán náà wá inú íńtánẹ́ẹ̀tì, tí a kò sì rí ibòmíràn tó ti jáde, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yà á, ọjà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Ìyálọ́jà wa sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú ìpàdé ọjà wa, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń ṣì í lò jù.

Àwọn tó ń ta gàrí ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ó ní, "Ta ni nínú yín tó lè sanwó àpò gàrí kan láìbù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó wo bó ṣe kúná, kó fọwọ́ rà á kó mọ̀ bóyá ó gbẹ, kó sì jù ú sẹ́nu kó mọ̀ bóyá ó kan? Kí ló wá dé tí a fi ń san ìdajì owó ọgọ́ta páálí mílíìkì nítorí àwòrán?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Gbogbo wa la mọ ẹni tí ó ń bá wí, òun náà sì ti gbà pé kí a sọ ọ́.

Obìnrin kan tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà láàárín wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹnì kan fi àwòrán páálí mílíìkì oníyẹ̀fun ránṣẹ́ sí i, wọ́n tò ó dé òkè àjà, iye tó sì dá lé e kéré sí ti ọjà. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà fóònù àti "ọjà wà nílẹ̀" gàdàgbà sórí àwòrán náà. Ọmọ rẹ̀ fi Google Lens wá a, kò rí ohun tó jọ ọ́ gan-an, ni ìyá bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sanwó.

Ibí yìí ni àlàyé náà ti bẹ̀rẹ̀. Google Lens kì í wo fóònù gbogbo ayé. Àwọn ojú ewé tí Google ti dé, tí ó sì ti tọ́jú sílẹ̀, nìkan ni ó lè fi àwòrán wa wé. Àwòrán tó ti ń lọ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn fún ọdún méjì, tàbí tí ẹnì kan jí kó nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá, ó sì lè ti gba ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́tàn kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá kọ nǹkan gàdàgbà sórí àwòrán tàbí tí wọ́n gé etí rẹ̀, ó lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.

Ohun tí Ìyálọ́jà ní kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n fi àwòrán náà pa mọ́ sórí fóònù, kí wọ́n ṣí i nínú Google Photos, kí wọ́n tẹ "Lens", kí wọ́n wá fi ìka fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí tó bá yọ títí tí yóò fi ku kìkì ibi tí a kò kọ nǹkan sí. Wọ́n fà á sórí páálí mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n tún wá a. Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán kan náà yọ lójú ewé oníṣòwò kan ní ilẹ̀ òkèèrè, láìsí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀. Nígbà náà ni a tó wá kíyè sí sókẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri lẹ́yìn páálí. Ihò róbótó méjì ni ó ní. Sókẹ́ẹ̀tì tiwa ní Nàìjíríà, oníhò pẹlẹbẹ mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó wà lójú gbogbo wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n páálí ni a ń wò.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí pẹ̀lú: àwòrán tó jáde níbòmíràn kò sọ olùtajà di olè. Àwọn olóòótọ́ oníṣòwò máa ń lo àwòrán tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà yà. Nítorí náà, yálà ó jáde ni o, yálà kò jáde ni o, ìbéèrè tó ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kan náà ni: ṣé ẹni yìí lè ya àwòrán tuntun bí èmi ṣe fẹ́ ẹ, nísinsìnyí? Kí a ní kó kọ orúkọ wa àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e lé páálí kan, kó sì yí páálí náà kí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ hàn. Fídíò tí a jọ ń rí ara wa lórí rẹ̀ tún dára jù, torí a lè ní kó rìn dé ẹ̀yìn ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Ẹni tí a béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù ti rin ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ojú fóònù òun ti fọ́. Lẹ́yìn náà kò dáhùn mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé kí a wo ọjọ́ tí a ya àwòrán nínú àlàyé tí fóònù máa ń fi pa mọ́ sínú rẹ̀. WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kúrò bí a bá fi í ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́, nítorí náà ọjọ́ tó wọ fóònù tiwa ni a sábà máa ń rí. Bí ó bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí "Document", àlàyé náà máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè yí i padà. N kò ní gbára lé e.

Nọ́ńbà NAFDAC ni kí a fi wá orúkọ ọjà náà ní greenbook.nafdac.gov.ng, kí a wò ó bóyá orúkọ ọjà àti ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ohun tó wà lára páálí mu. Ayédèrú lè da nọ́ńbà gidi kọ, nítorí náà bíbáramu nọ́ńbà nìkan kò tó. Àwòrán tuntun pàápàá kò lè fi inú páálí hàn wá.

Obìnrin náà rí mílíìkì mìíràn rà ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ kejì. Ó wọ mọ́tò lọ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣí páálí mẹ́ta: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní ju oṣù méjì lọ kó tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ti òkè ṣì ní ju ọdún kan lọ. Ó ní kí wọ́n ka gbogbo páálí tó bá ní ọjọ́ ti ìsàlẹ̀ yẹn sọ́tọ̀, ó sì sanwó ìyókù lẹ́yìn tí wọ́n dì í sínú mọ́tò.