Bí ìròyìn olójú-ìwé mẹ́wàá ṣe ń di ìtàn ìkọ́ni

Ìtàn ìkọ́ni ni ìtàn kúkúrú tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sípò ẹni tó gbọ́dọ̀ pinnu, kí kíláàsì lè jiyàn lé e. Ẹ jẹ́ ká mú ìròyìn olójú-ìwé mẹ́wàá kan lórí àrùn Ẹbólà tó wọ Èkó lọ́dún 2014. Irú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní ogúnjọ́ oṣù Keje, á sì parí sí ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí olùkọ́ bá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú ìwé méjì, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní rí ohun tí wọ́n máa jiyàn lé.

Ibi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ pinnu ni a kọ́kọ́ ń wá. Níhìn-ín, ilé ìwòsàn aládàáni kan ni. Aláìsàn ti Làìbéríà dé, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, èsì àyẹ̀wò Ẹbólà ò tíì jáde, àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ń fúngun mọ́ Dókítà Stella Adadevoh pé kó jẹ́ kó máa lọ sí ìpàdé ní Kàlàbá. Ibẹ̀ ni ìtàn ń dúró.

Ète ẹ̀kọ́ ló kàn, kí ọ̀bẹ tó kan ìwé. Mẹ́ta ti tó. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye ìdènà àrùn" kò wúlò, torí kò sí bí a ṣe fẹ́ fún un ní máàkì. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi ewu dídá aláìsàn dúró wé ewu jíjẹ́ kó lọ, nígbà tí èsì àyẹ̀wò ò tíì dé" ṣeé díwọ̀n. Ìpínrọ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ète kankan á jáde. Ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà ìjọba nígbà náà á dúró, torí ó dín ibi tí wọ́n lè gbé aláìsàn lọ kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé ìdáhùn máa ń jò sínú ìtàn. Bí a bá kọ ọ́ pé aláìsàn "purọ́", a ti lo ìmọ̀ ọjọ́ iwájú. "Ó ní òun ò fara kan alárùn Ẹbólà" ni ká kọ. "Ìpinnu akọni" náà ń jò.

Ìbéèrè mẹ́rin tó fún ìjíròrò. "Ṣé ó yẹ kí wọ́n dá a dúró?" á kàn mú kí gbogbo kíláàsì pariwo "bẹ́ẹ̀ ni" ni. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ẹ máa kọ́kọ́ pè, kí lẹ máa sọ fún àwọn aṣojú ìjọba, kí lẹ máa ṣe bí èsì bá fi ọjọ́ méjì pẹ́ sí i? Ìbéèrè ìkẹyìn á yí ohun kan padà: bó bá jẹ́ ìlú tí Ẹbólà ò tíì dé ló ti wá ńkọ́?

Àbájáde ń lọ sí apá kejì, ìlàjì ojú ìwé, tí a máa pín lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti pinnu: aláìsàn náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, dókítà náà wà lára wọn.

Kí ìtàn náà tó dé kíláàsì, ẹni tí kò ka ojú ìwé mẹ́wàá náà ni kó kọ́kọ́ kà á. Bó bá ti mọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ kó tó ka ìpínrọ̀ kejì tán, ẹ wo àkọlé: ibẹ̀ ló sábà máa ń jò sí.