Kí Ẹ Tó San Owó Tiransifọ́mà

Ó ń dùn mí bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń sanwó àdúgbò tán kí wọ́n tó wá bi agbẹjọ́rò bóyá gbèsè ni. Ní Àkúrẹ́ wa níbí, owó tiransifọ́mà ló burú jù nínú wọn.

Ká ní iṣẹ́ yìí wọlé sórí fóònù yín: "Ẹ̀yin ará àdúgbò, tiransifọ́mà wa ti jó. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦75,000. Ẹni tí kò bá san títí di Sátidé, a ó já iná rẹ̀." Kò pẹ́, orúkọ àwọn tó ti san bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ẹnì kan sì kọ ọ́ pé, "Ìyá àgbà gan-an ti san o."

Orúkọ yẹn kò sọ yín di onígbèsè. Ìtìjú ni wọ́n fi ń lé yín. Ohun tí iṣẹ́ náà kò sọ ni kí ẹ wá: ìpàdé wo ló fẹnu kò, lọ́jọ́ wo? Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 jẹ́ kí kálukú yan ẹgbẹ́ tó wù ú. Tí ẹ bá ti wọ ẹgbẹ́ onílé, tí ìpàdé sì fọwọ́ sí owó náà bí òfin ẹgbẹ́ ṣe là á sílẹ̀, wọ́n lè torí ẹ̀ pè yín lẹ́jọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni. Àwọn amòfin ẹ̀bá títì tó ń sọ pé ó ti di òfin nítorí pé Baálẹ̀ gbọ́ sí i, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀yin ayálégbé, ìwé àdéhùn ilé yín ni kí ẹ wò. Owó ọdẹ lè wà níbẹ̀, tiransifọ́mà kì í sábà sí.

Iná jíjá ńkọ́? Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni, lórí gbèsè iná tiwọn. Aládùúgbò tó bá gun òpó lọ já wáyà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, iná sì lè pa á.

Ibi tí owó ti ń ṣègbé gan-an rèé. Láti ọdún 2015 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná ti là á sílẹ̀ pé kí àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú ẹrù yìí kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ iná ṣe àdéhùn oníwèé, tí yóò sọ iye owó náà àti bí wọ́n ṣe máa dá a padà. Ẹ rà á láìsí ìwé, wọ́n so ó mọ́ òpó, kí lẹ máa fi bèèrè owó yín?

Ẹ ṣírò ẹ̀ náà. Ilé 120 ní ₦75,000 jẹ́ ₦9,000,000. Tí ìwé iye owó tí oníṣòwò kọ bá wá jẹ́ ₦8,400,000, ta ló ni ₦600,000 tó kù? Ẹ tún wo àkáǹtì: ṣé orúkọ ẹgbẹ́ ni, àbí ti akápò?

Ní ti owó òkú àti ti oyè tí àdúgbò tún ń bù fún yín, ọwọ́ yín ló wà bóyá ẹ máa san.

Ẹ fèsì báyìí: "Alága wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé iye owó àti àdéhùn ilé-iṣẹ́ iná ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mo bá rí wọn ni màá san."