Ẹ Yéé Bi Mí Pé Mítà Mélòó: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nísàlẹ̀ Dáàmù Kékeré

Lọ́dọọdún, bí òjò ńlá bá ti rọ̀ tán, àwọn tó ní dáàmù kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹnjiníà, mítà mélòó ni ká da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá?" Kí n tó lanu, wọ́n á ti fi kún un pé bíríkìlà àwọn ní mítà 3 ti tó, pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe é ní abúlé kejì. Èmi náà á wá bi wọ́n léèrè: tí òjò bá pọ̀ dé góńgó, báwo ni omi odò yín ṣe ń ga tó nísàlẹ̀ dáàmù? Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, inú ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Omi tó bá gba orí dáàmù ṣubú kì í sinmi nígbà tó bá kanlẹ̀. Ńṣe ló máa ń di tẹ́ẹ́rẹ́, tí á máa sáré mọ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ á sì mọ́ gaara. Omi odò tó wà níwájú rẹ̀ jìn jù ú lọ, jẹ́jẹ́ sì ni ìyẹn ń lọ. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ó máa ń dà bí ọlọ́kadà tó já wọ àárín ọjà: kò ríbi gbà mọ́, ó di dandan kó gbéra sókè. Omi náà á ga lójijì, á funfun, á máa hó, á máa yí padà lórí ara rẹ̀. Ìyẹn ni à ń pè ní ìfò omi. Bí ó ti ń yí yẹn ló ń ná agbára tó gbé bọ̀ láti òkè. Tó bá jẹ́ orí kọnkéré ló ti ná an, kò séwu. Tó bá jẹ́ orí yẹ̀pẹ̀ ni, á gbẹ́ kòtò, kòtò náà á sì máa jẹ padà sẹ́yìn títí á fi wọ abẹ́ dáàmù. Kọnkéré tí a fi ń gba ìfò náà, tó ní ògiri lọ́tùn-ún lósì, ni mo ń pè ní kòtò ìpẹ̀tù.

Mo ti rí àwọn tó ń da òkúta sínú irú kòtò tí omi gbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, tí òkúta ń bá omi lọ lọ́dọọdún. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti dá owó jọ ra àgbò, nítorí ẹnì kan sọ pé odò ń bínú. Odò kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Omi ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó ṣètò ibi tí á ti dúró. Iye tí wọ́n fi ra àgbò yẹn ì bá ra símẹ́ǹtì díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká mú dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kékeré, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ọ̀nà tí àkúnya omi ń gbà kọjá fẹ̀ ní mítà 8. Láti etí ibi tí omi ti ń bọ́ títí dé ilẹ̀ odò nísàlẹ̀ jẹ́ mítà 3. Àkúnya tí a ń múra sílẹ̀ fún jẹ́ kíúbíìkì mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 12 sí 8, ìyẹn 1.5 fún mítà ìbú kọ̀ọ̀kan. Bí omi yìí bá ń kọjá, á fi nǹkan bíi mítà 0.8 ga ju etí náà lọ. Nítorí náà, lápapọ̀, mítà 3.8 ni omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Tí a kò bá yọ ohun tí ìfarakanra omi pẹ̀lú kọnkéré ń dínkù, á dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iyára mítà 8.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní nípọn ju mítà 0.18 lọ.

Ohun tó kàn ni nọ́ńbà Fúrúùdù, tó ń sọ bí iyára omi ṣe pọ̀ tó sí ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe ìlọ́po ìjìnlẹ̀ náà pẹ̀lú 9.81, ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi èyí pín iyára. Tiwa jẹ́ 6.4. Tó bá wà láàárín 2.5 sí 4.5, ìfò náà kì í lè dúró sójú kan, á máa ti ìgbì ránṣẹ́ sí bèbè odò, ìṣòro ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. 6.4 dára gan-an, ìfò tó dúró ṣinṣin ni.

Ìjìnlẹ̀ tí omi á ní lẹ́yìn tó bá ti fò tán, onímọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Bélanger ló fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀:

y2 = (y1/2) × (√(1 + 8F²) − 1)

y1 ni ìjìnlẹ̀ omi tó ń sáré, F sì ni nọ́ńbà Fúrúùdù. Ẹ fi tiwa sí i, ẹ máa rí mítà 1.52. Gígùn ìfò náà kò wá le mọ́: iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó dáàmù ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn ti dán an wò nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà omi ìdánwò, wọ́n sì rí i pé fún irú nọ́ńbà tiwa, ó ń sún mọ́ ìlọ́po 6 ìjìnlẹ̀ yẹn. 6 lọ́nà 1.52 jẹ́ mítà 9.1. Ẹ rí i pé mítà 3 bíríkìlà kò tó ìdajì rẹ̀ rárá. Nínú agbára ìṣubú mítà 3.8 tí omi náà gbé bọ̀, ó máa ń ná tó 2.2 dànù nínú ìfò kan ṣoṣo. Orí yẹ̀pẹ̀ ni bíríkìlà fẹ́ kó ti ná èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Níbi báyìí ni gbogbo èèyàn ti máa ń sáré lọ ra símẹ́ǹtì, ibẹ̀ náà sì ni mo ti máa ń gbéná wojú wọn. Mítà 9.1 yẹn wúlò kìkì tí ìfò náà bá ṣẹlẹ̀ lórí kọnkéré. Kí ló máa dá a dúró síbẹ̀? Omi ìsàlẹ̀ ni, ìyẹn omi odò tó wà níwájú kòtò náà. Mítà 1.52 tí a ṣírò kì í ṣe ohun tí omi máa ṣàdédé ní, ohun tí odò gbọ́dọ̀ fún un ni. Ká ní a wo ojú àmì ẹrẹ̀ lára igi àti òkúta bèbè, tí a wọn ọ̀nà odò náà, tí a sì rí i pé nígbà àkúnya, omi odò jìn ní mítà 1.1 péré. Ó kù mítà 0.42. Omi tó ń sáré kò ní rí alátakò tó tó o, á sáré la kọnkéré kọjá, á lọ fò sórí yẹ̀pẹ̀ níwájú. Ẹ ìbáà da kọnkéré mítà 9, ẹ ti fi owó ṣòfò.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a gbẹ́ ilẹ̀ kòtò náà lọ sísàlẹ̀. Ẹ má kàn wá gbẹ́ 0.42 kẹ́ ẹ lọ sinmi, torí bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni omi ń rí àyè ṣubú sí i, tó sì ń béèrè ìjìnlẹ̀ sí i. Ká gbẹ́ ẹ ní 0.5. Omi wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 4.3, iyára rẹ̀ di 9.0, nínípọn rẹ̀ di 0.167, nọ́ńbà Fúrúùdù di 7.0. Ìjìnlẹ̀ tó ń béèrè ti di 1.58. Ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ 1.1 pẹ̀lú 0.5, ìyẹn 1.6. Ó ti tó, díẹ̀ báyìí ló sì fi lé. Gígùn kòtò náà á wá jẹ́ mítà 9.5. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣírò fún omi tó kéré sí i, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta àkúnya, nítorí ìgbà mìíràn wà tí omi odò á lọ sílẹ̀ ju bí omi tó ń ṣubú ṣe dínkù lọ.

Àwọn kan á ní mítà 9.5 ti gùn jù. A lè to eyín kọnkéré sínú kòtò náà kó máa gbá omi lójú, ká sì fi odi kékeré sí ìparí rẹ̀. Gígùn rẹ̀ á wálẹ̀ sí ìlọ́po 2.8, ìyẹn nǹkan bíi mítà 4.4. Iyára 9.0 kò tíì pọ̀ jù fún irú eyín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tó ń gbé ìtì igi wá á fi gbá eyín náà títí á fi ṣẹ́, eyín tó bá sì ti ṣẹ́ kò lè gba kòtò tí a ti gé kúrú là. Ní tèmi, mo máa ń dá owó náà lé gígùn.

Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ mi nìkan. Ẹ dúró sórí bèbè lọ́jọ́ tí omi bá kún. Tí ẹ bá rí omi gaara tó ń sáré lórí gbogbo kọnkéré títí dé ìparí, tí omi funfun wá ń hó níwájú ibẹ̀, omi ìsàlẹ̀ kò tó, omi sì ti ń gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Tí omi funfun bá ń hó nítòsí ẹsẹ̀ dáàmù, tí omi tó jáde ní ìparí kọnkéré sì rọ̀, iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ohun kẹta wà tí ó máa ń dáyà já mi. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ga ju ohun tí ìfò ń béèrè lọ, yóò bo ìfò náà mọ́lẹ̀. Ariwo á dínkù, ojú omi á dà bíi pé ó rọra, àwọn ọmọdé á sì fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀. Omi tó ń sáré ń gba ìsàlẹ̀ lọ, omi tó wà lójú ń ṣàn padà sí ẹsẹ̀ dáàmù, á ti èèyàn lọ sábẹ́ ibi tí omi ti ń bọ́, á tẹ̀ ẹ́ rì, á tún gbé e sókè, á tún fà á padà. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi náà kì í jẹ́ kó gbé èèyàn dáadáa. Ní ìlú kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní iwin ló ń di àwọn èèyàn mú níbẹ̀. Mo gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan, mo dé e pa, mo jù ú sínú omi níwájú àwọn àgbà. Kẹ́ẹ̀gì náà lọ sẹ́yìn, kì í ṣe síwájú. Ó rì, ó yọ, ó tún padà sí ẹsẹ̀ dáàmù, a jókòó wò ó títí ó fi sú wa. Bàbá kan ní, "Ẹnjiníà, ṣé iwin náà fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ dáhùn yẹn."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. Ní ọdún 1975, ní Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn panápaná tó lọ gba èèyàn là nísàlẹ̀ dáàmù kúkúrú kan kú síbẹ̀. Ògbóǹtarìgì ni wọ́n, inú ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n wà. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá kó sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e, kí ọkọ̀ má sì sún mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀. Orí bèbè ni kẹ́ ẹ ti ju okùn tí a so mọ́ kẹ́ẹ̀gì sí i, kẹ́ ẹ sì fà á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tí ẹ bá ń kọ́ dáàmù tuntun, ẹ da owó okùn náà àti ọgbà onírin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kòtò mọ́ owó kọnkéré látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé pátákó ìkìlọ̀ kọ́ sí ibi tí àwọn ọmọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.