Àṣìṣe aago GPS nínú wíwọn ìjìnnà àti ìyára eré sísá

Aago GPS ni aago ọwọ́ tó ń gba ìgbì rédíò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó sì ń fi í mọ ibi tí ẹni tó so ó mọ́wọ́ wà. Kì í wọn ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sàmì sí ibi tó gbà pé asáré dé, á sì fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Gígùn ìlà yìí ni ìjìnnà tó ń kọ síta. Tí àmì kan bá ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ, ìjìnnà náà kò lè péye mọ́.

Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè. Aago máa ń ṣírò bí ìgbì ṣe pẹ́ tó lọ́nà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó lè mọ ibi tó wà. Ìgbì náà yára bí ìmọ́lẹ̀. Bó bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, aago á gbà pé sátẹ́láìtì fi 30 sẹ̀ntímítà jìnnà ju ibi tó wà lọ.

Láàárín ilé gíga, ìgbì máa ń kọlu ògiri àti gíláàsì kó tó ta dé ọwọ́ asáré. Bí ọ̀nà àyíká yẹn bá fi 30 mítà gùn ju ọ̀nà tààrà lọ, aago á ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ìjìnnà sátẹ́láìtì náà. Ilé tún máa ń bo sátẹ́láìtì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, tí yóò fi jẹ́ pé kìkì àwọn tó wà lókè títì àti níwájú àti lẹ́yìn ló ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí ìlà orí máàpù fi sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́, tó ń gba inú ilé kọjá. Ká ní asáré ń rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 4:10. Bí àmì tó tẹ̀ lé e bá fi mítà 3 yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà tó so méjèèjì pọ̀ á di mítà 5, ìyẹn ìyára 3:20. Aago máa ń pín irú ìfò bẹ́ẹ̀ ká sí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nítorí náà iye ojú aago á máa lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ yí padà.

Lábẹ́ igi, omi inú ewé ló ń sọ ìgbì di aláìlágbára, ó sì ń burú sí i bí omi bá wà lára ewé. Aago á wá gbára lé ìfojúsọ́nà pé asáré ṣì ń lọ síwájú bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀nà igbó tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ, èyí máa ń gé kọ́nà kúrò, ìjìnnà á sì kúrú. Àmì tó ń yẹ̀ kiri ń mú kó gùn. Méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́, kí àpapọ̀ dà bí òótọ́ nígbà tí ìyára kìlómítà kọ̀ọ̀kan kò jóòótọ́.

Lórí pápá ìsáré ni àṣìṣe kékeré ti hàn jù, torí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àyíká kan jẹ́ 400 mítà. Bí gbogbo ìlà bá sún sí apá kan, gígùn rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó ń dà á rú ni kí ìlà fẹ̀ síta ní kọ́nà, nígbà tí aago ṣì gbà pé asáré ń lọ tààrà. Bó bá fi mítà kan àbọ̀ fẹ̀ yíká, àyíká kan á di nǹkan bí 409 mítà. Ẹni tó fi 100 ìṣẹ́jú-àáyá parí àyíká náà sáré ní 4:10, ṣùgbọ́n 4:04 ni aago á kọ. Láti ibẹ̀, aago á máa sọ pé kìlómítà kan ti pé nígbà tó ṣì ku nǹkan bí 23 mítà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aago jẹ̀bi: ẹni tó sáré ní ìlà kejì ti rin nǹkan bí 407 mítà ní tòótọ́.

L1 àti L5 ni orúkọ ìgbì rédíò méjì tí sátẹ́láìtì GPS ń fi ránṣẹ́. Aago tó ń gba ìgbì L5 mọ́ L1 ń ṣe dáadáa láàárín ilé gíga, nítorí kóòdù tí ìgbì L5 gbé yára ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti L1 lọ, ó sì rọrùn láti ya ìgbì tó wá tààrà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ta padà. Kò lè ṣe nǹkan kan níbi tí ògiri ti bo sátẹ́láìtì pátápátá. Àwọn aago kan ní ètò pápá ìsáré, tí a ó ti sọ ìlà tí a wà fún un, tí yóò sì so àmì mọ́ àyíká 400 mítà. Níbi tí kò bá ti sí èyí, bọ́tìnì àyíká tí a tẹ̀ lórí ìlà ìparí ni kí a gbà gbọ́: àkókò tó kọ péye, a sì lè fi 400 pín in, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, ká lè mọ ìyára kìlómítà kan fúnra wa.