Bí ooru páànù ṣe ń dé inú ilé: kọ́ńdọ́ṣọ̀n, kọ́ńfẹ́ṣọ̀n àti rẹdiéṣọ̀n

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru máa ń gbà kúrò níbi tó gbóná lọ síbi tí kò gbóná tó o. Kọ́ńdọ́ṣọ̀n ni kí ooru gba inú ara nǹkan kọjá láìjẹ́ pé nǹkan náà kúrò níbi tó wà. Kọ́ńfẹ́ṣọ̀n ni kí omi tàbí atẹ́gùn tó ti gbóná dìde kó gbé ooru dání lọ. Rẹdiéṣọ̀n ni kí ooru ta jáde bí ìtànṣán, èyí ò nílò ohunkóhun láàárín rárá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí òrùlé páànù lọ́sàn-án gangan, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti máa ń ṣì í ni pé èwo gan-an nínú wọn ló ń gbé ooru láti ara páànù wá bá ẹni tó jókòó sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan n'Íbàdàn, kò ní sílìn, páànù orí ẹ̀ sì ti dípẹtà, ó ti pọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni, nínú oṣù kẹta, ojú ọ̀run mọ́, atẹ́gùn ìta wà ní 33°C. Oòrùn jìnnà sí wa tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà, òfìfo ló sì pọ̀ jù láàárín, torí náà rẹdiéṣọ̀n nìkan ló lè gbé ooru ẹ̀ débí. Tí ọ̀run bá mọ́ báyìí, bíi 1000 wáàtì ló ń bọ́ sórí sikuẹ́ mítà páànù kan, páànù tó ti dípẹtà á sì gbé èyí tó pọ̀ jù mì nínú ẹ̀. Bó ṣe ń gbóná náà ló ń pàdánù ooru, atẹ́gùn òkè ẹ̀ ń gbé díẹ̀ lọ, ó ń ta díẹ̀ sójú ọ̀run, ó ń ta díẹ̀ sínú ilé, ìgbà tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá dọ́gba ló tó dúró. Ká sọ pé 60°C ló dúró sí, ìyẹn ti tó kéèyàn má lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́.

Kọ́ńdọ́ṣọ̀n ló kàn, inú páànù gan-an ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù apá òkè ń gbọ̀n, wọ́n ń ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn kiri nínú irin sì ń yára gbé ooru náà káàkiri. Fọ́múlà tí ẹ mọ̀ ni:

```
Q/t = kA(T1 - T2)/d
```

Q/t ni ooru tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, A ni bí ojú tó ń gbà kọjá ṣe fẹ̀ tó, T1 àti T2 ni bí ojú méjèèjì ṣe gbóná tó, d ni bí nǹkan náà ṣe nípọn tó, k sì ni bó ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá tó. Ẹ wò ó, k irin tó bíi 50 W/mK, páànù náà ò sì nípọn ju ìdajì mílímítà lọ, ìyẹn 0.0005 m. Tí 250 wáàtì bá ń gba sikuẹ́ mítà kan kọjá, ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ páànù á jẹ́ 250 × 0.0005 ÷ 50, ìyẹn 0.0025°C péré! Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé páànù ò dí ooru lọ́nà rárá, abẹ́ ẹ̀ gbóná bí òkè ẹ̀. Ẹ fi pílíwúùdù mílímítà 6 sí ipò ẹ̀, k tiẹ̀ ò ju bíi 0.12 lọ, ooru kan náà á nílò ìyàtọ̀ 12.5°C kó tó lè kọjá. Bí irin ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá wà níbẹ̀ o, àmọ́ bó ṣe tín-ín-rín tó náà dá kún un, ọ̀pọ̀ ìdáhùn ìdánwò ló ń gbàgbé d yìí.

Ooru ti dé abẹ́ páànù báyìí, báwo ló ṣe máa sọ̀ kalẹ̀? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé atẹ́gùn gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ látòkè, kọ́ńfẹ́ṣọ̀n nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gbóná á fẹ̀, á fúyẹ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, òkè ló sì máa ń lọ. Èyí tó fara kan páànù ti wà lókè tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa há sí, ó kàn ń gbóná sí i ni, èyí tó tutù díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Torí ẹ̀ ni ihò fi ń wúlò tó bá wà lókè ògiri lábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn gbígbóná yẹn á rí ibi jáde, tútù á wọlé látojú fèrèsé. Tí ẹ bá wá tan fáànù tí wọ́n gbé kọ́ òkè nínú yàrá tí ò ní sílìn, fáànù náà á fi tipá ti atẹ́gùn gbígbóná yẹn sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn ẹ̀ fi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ láìsí fáànù ni rẹdiéṣọ̀n. Ìtànṣán ínfúrárẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìtànṣán ooru tí ojú ò lè rí, ò mọ òkè mọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo ibi ló ń ta sí. Ẹ fi σT⁴ ṣírò iye wáàtì tí sikuẹ́ mítà kan ń ta, T ni bí nǹkan náà ṣe gbóná tó, σ jẹ́ 5.67 × 10⁻⁸, ẹ má sì gbàgbé láti yí °C sí kẹ́lífíìnì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, 60°C di 333 K. Páànù tó ti dípẹtà ń ta bíi 700 wáàtì lórí sikuẹ́ mítà kan. Awọ ara èèyàn, ní bíi 34°C, ń ta bíi 500 padà, nǹkan bíi 200 ló kù sí i lára. Kò lè ju iye yẹn lọ, torí ògiri tí kò gbóná tó páànù náà wà lára ohun tó dojú kọ èèyàn. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ na páálí kan sókè orí láìfi kan ara, lójú ẹsẹ̀ lorí á fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn yàrá ò tíì yí padà. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ló ń gbé ooru náà bọ̀ ni, páálí ò ní ṣiṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ páálí yẹn ni sílìn ń ṣe. Òun náà á gbóná díẹ̀díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ooru tiẹ̀, àmọ́ kò ní gbóná tó páànù. Àwọn kan máa ń fi fọ́ìlì dídán sí i, ojú dídán sì ń ta ìtànṣán díẹ̀ gan-an, bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí nǹkan dúdú tó gbóná bákan náà máa ta. Ojú dídán náà gbọ́dọ̀ dojú kọ àyè tí atẹ́gùn wà o. Tí wọ́n bá há fọ́ìlì mọ́ àárín páànù àti pílíwúùdù láìsí àyè, kọ́ńdọ́ṣọ̀n á gba ara ẹ̀ kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì dojú ẹ̀ kọ òkè, eruku á bò ó láàárín ọdún díẹ̀, dídán ẹ̀ á lọ, torí náà ó sàn kó dojú kọ ìsàlẹ̀.

Lóru, ọ̀rọ̀ á yí padà. Oòrùn ti lọ, àmọ́ páànù ò dáwọ́ títa ìtànṣán sójú ọ̀run dúró, tí kùrukùru ò bá sì sí, èyí tó ń gbà padà ò tó èyí tó ń ta. Kò sì nípọn, ooru tó tọ́jú ò pọ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa tutù ju atẹ́gùn tó yí i ká lọ. Ìrì á wá dì sára ẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nínú ilé tí ò ní sílìn, omi lè máa kán sórí ẹní láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí òjò ò rọ̀ rárá.