Bí a ṣe ń sọ àríyànjiyàn Wiredu àti Eze ní ṣókí láìdá ẹjọ́ fún wọn

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn onímọ̀ nípa ìjọba nílẹ̀ Áfíríkà tó máa ń ṣòro láti sọ ní ṣókí. Kwasi Wiredu, ọmọ Gánà, sọ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1996 pé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà láàrin àwọn Áṣáńtì kì í ka ìbò; wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi kò. Ó wá dábàá ìjọba tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ìfohùnṣọ̀kan yóò máa darí. Emmanuel Chukwudi Eze, ọmọ Nàìjíríà, dá a lóhùn ní 1997, ó sì takò ó.

Ẹni tó bá jókòó ní Ọ̀yọ́ láti fi ojú ìwé kan kó èyí jọ, ẹjọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wù ú dá. Iṣẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó tú ìjà náà wò, nítorí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá ara wọn fà.

Ọ̀kan dá lórí ìtàn: kí ló mú kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ ará ìlú létí? Wiredu sọ pé àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Eze sọ pé ìgbàgbọ́ nínú àwọn baba ńlá àti ohun mímọ́ wà lẹ́yìn àṣẹ ọba, a ò sì lè yọ ọ́ sẹ́yìn ká wá pe ìyókù ní àròjinlẹ̀. Èkejì dá lórí ènìyàn fúnra rẹ̀. Wiredu tọ́ka sí àwòrán kan láàrin àwọn Àkan, ẹ̀yà tí àwọn Áṣáńtì wà nínú rẹ̀: ọ̀nì olórí méjì tí ikùn wọn jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ń jà sí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ inú ikùn kan náà ni oúnjẹ ń lọ. Ìtumọ̀ tó fún un ni pé ní ìpìlẹ̀, ire gbogbo ará ìlú papọ̀. Eze kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ ọkàn àwọn ènìyàn lè forí gbárí ní tòótọ́, ohun tí ìjọba tiwa-n-tiwa sì wà fún ni láti fún ìfigagbága yẹn láyè àti òfin.

Bí a bá di gbogbo èyí sínú ẹrù kan, òǹkàwé á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó yàn lórí gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbà pẹ̀lú Eze lórí ìtàn, kó sì tún gbà pẹ̀lú Wiredu lórí ire tó papọ̀.

Ibi tí ìdájọ́ ti máa ń yọ́ wọlé jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Wo gbólóhùn yìí: «Wiredu rò pé ire gbogbo ènìyàn papọ̀, ṣùgbọ́n Eze fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.» Ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ẹni tó «rò» lè ti ṣìnà. Ẹni tó «fi hàn» ti jàre. Kí a kọ «Wiredu ní» àti «Eze ní», kí ìdí tí olúkúlùkù fi sọ bẹ́ẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ipò náà ṣe kókó: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn máa ń dà bí ẹni tó borí. Níwọ̀n bí Eze ti jẹ́ olùdáhùn, ó dára kí àlàyé lórí ọ̀nì náà padà sọ́dọ̀ Wiredu kí ìpínrọ̀ tó parí.

Àṣìṣe mìíràn ni pípẹ̀tù sí aáwọ̀. «Àwọn méjèèjì gbà pé ìfohùnṣọ̀kan dára níwọ̀nba» dùn ún kà, àmọ́ kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó kọ ọ́ ti dá èrò kẹta sílẹ̀, ó sì fi orúkọ wọn bò ó.

Ní Ọ̀yọ́, àpẹẹrẹ Ọ̀yọ́ Mèsì kì í pẹ́ sọ síni lọ́kàn. Láyé àtijọ́, àwọn ìjòyè méje náà jọ máa ń gbìmọ̀, wọ́n sì lè kọ ọba. Ìyẹn bá ti Wiredu mu. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run a máa dá obì láti mọ̀ bóyá ohùn ọ̀run ṣì wà pẹ̀lú Aláàfin, ìyẹn sì fara jọ ohun tí Eze ń wí. Àpẹẹrẹ rere ni, nítorí ó gbe ẹnì kọ̀ọ̀kan lápá kan. Kí a ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ẹni tó ń ṣàlàyé ni, nítorí Áṣáńtì ni Wiredu ń sọ. Bí a bá sì mú ìgbìmọ̀ nìkan tí a fi obì sílẹ̀, a ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èrò tó takora ni a ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹnì kan bá kọ pé ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Wiredu ń fẹ́, kò sí iyàn ńbẹ̀, àṣìkà ni. Òun fúnra rẹ̀ ya ìmọ̀ràn rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ní Wiredu fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ronú bákan náà: ohun tó wí ni pé kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí a ó ṣe, kódà bí èrò wọn lórí ohun tó tọ́ kò bá dọ́gba. Irú èyí, a máa ń tún un ṣe ni, a kì í gbé e kalẹ̀ bí «èrò àwọn kan».

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yọrí, a máa ń fún ẹni méjì kà, ọ̀kan tó fara mọ́ Wiredu àti ọ̀kan tó fara mọ́ Eze. Kí kálukú fi bírò fàlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá rí bí àbùkù sí ẹni tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fa ìlà márùn-ún tí ìkejì ò sì fa ìkankan, ẹni tí ìkejì fara mọ́ ni àkọsílẹ̀ náà ń gbè lẹ́yìn.