Ohun tó wà nínú lẹ́tà eré ìrọ̀lẹ́ tí ilé-ìwé ń kọ sí òbí

Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá kọ lẹ́tà sílé nípa eré tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́yìn ìjáde, ojú orúkọ eré nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ń wò. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà ló ṣe pàtàkì jù: kíláàsì tó lè ṣe é, iye ọmọ tó ń ṣe é pọ̀, ìgbà tó máa parí, àti tíṣà tó máa dúró tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ayò. Ká ní lẹ́tà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kàbà kọ ọ́ báyìí: “Ayò, kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà, ọmọ méjì sí ọpọ́n kan, a kò gbọdọ̀ ta á fún nǹkan kan.” Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó bá ti jẹ 25 ti pa ẹnì kejì, nítorí 23 tó kù kò lè bá a mọ́.

48 yẹn náà ni tíṣà fi ń ṣọ́ wọn. Ó ń ka ọmọ ayò kí wọ́n tó jókòó, ó tún ń kà á nígbà tí wọ́n bá dìde. Bó bá di 47, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ títí wọ́n á fi wo abẹ́ ọpọ́n àti inú àpò. Ọmọ ayò le, ó ń dán, ó sì kéré. Ọmọ kékeré lè fi há imú tàbí kó gbé e mì. Ìdí rèé tí wọn kò fi gba kíláàsì kìíní sídìí ọpọ́n.

Títa ayò fún nǹkan, ìyẹn kí ẹni tó borí gba nǹkan ẹnì kejì, ṣòro láti rí ní ilé-ìwé, àmọ́ ó máa ń hàn nílé. Ọmọ tó mú pẹ́ńsùlù kan jáde láàárọ̀ mú mẹ́ta bọ̀, tàbí kò rí rọ́bà ìpawérẹ́ rẹ̀ mọ́. Kí òbí tó rí irú èyí tètè sọ fún tíṣà.

Lúdò ní tirẹ̀, àsìkò ló ń fún un ní wàhálà. Ọmọ mẹ́rin lè máa ju dáìsì kiri láìrí ẹẹ́fà tí wọ́n á fi jáde, kí wákàtí kan sì parí. Lẹ́tà tó dára á sọ pé bí agogo bá lù, ẹni tí ọmọ lúdò rẹ̀ wọlé jù ló borí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àríyànjiyàn á bá wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ Òkun tí Kàbà wà, màmá àgbà ló sábà máa ń gba irú lẹ́tà yìí, torí pé àwọn òbí ṣì wà lóko. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ọmọ ló ń kà á fún un, ibi tó bá wu ọmọ ló sì ń kà. Mo fara mọ́ ilé-ìwé tó bá kọ Yorùbá sí ẹ̀yìn ìwé náà, tó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí màmá tẹ̀ka sí i.